Bí a ṣe ń tún àṣìkọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí ṣe lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí ọmọ ní Ìkòròdú

Àṣìkọ lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí lè wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mìíràn ló máa ń hàn: nígbà tí ọmọ fẹ́ wọ girama, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba nọ́mbà NIN fún un, tàbí nígbà tí bàbá rẹ̀ tó wà lókè òkun fẹ́ mú un lọ, tí páásípọ́ọ̀tù sì di dandan. Lọ́jọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún ìyá ọmọ ni pé, “Ẹ lọ ṣe àfídáfíìtì ní kóòtù.” Ìyá á lọ, á búra, á gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ pupa, á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó bá dé ibi tó ń lọ, wọ́n á ní ìwé-ẹ̀rí ìbí ṣì ń sọ ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ìwé ìbúra kì í tún nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí ni. Ibi tí àtúnṣe ti ń ṣẹlẹ̀ ni inú àkọsílẹ̀ ìbí tó wà lọ́wọ́ Àjọ Ìkànìyàn, èyí tí wọ́n ń kọ NPC sára ìwé rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí ẹ gbé sílé, ẹ̀dà ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni. Nítorí náà, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ nílò ìbúra rárá, àti ohun tó yẹ kí ìbúra náà wí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dé òpin. Ká sọ pé ìyá kan wà ní Ìkòròdú tó bí ọmọkùnrin ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2016. Olúwaṣeun ni wọ́n sọ ọmọ náà. Nínú ilé àti ní ilé ìwé, Oluwaseun ni wọ́n ń kọ, láìsí “h”. Ìwé-ẹ̀rí ìbí tirẹ̀ wá ní Oluwasheun, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì jẹ́ 8 oṣù karùn-ún 2016. Àṣìkọ méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò sì wúwo bákan náà.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ wo orí ìwé náà dáadáa kí ẹ lè mọ ẹni tó fún yín. Oríṣi ìwé mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń pè ní ìwé-ẹ̀rí ìbí. Èyí tí ilé ìwòsàn fún ìyá ọmọ lọ́jọ́ tó bímọ wà nínú wọn. Ìwé ìfitónilétí lásán nìyẹn, ilé ìwòsàn ló sì ń tún tirẹ̀ ṣe. Ìwé tí káńsù fúnni wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni ti Àjọ Ìkànìyàn, òun sì ni òfin ọdún 1992 lórí fífi dandan forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Èyí ni àwọn tó ń ṣe páásípọ́ọ̀tù máa ń béèrè. Bó bá jẹ́ pé ìwé káńsù nìkan ni ọmọ yín ní, tí àṣìkọ sì wà nínú rẹ̀, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa náwó sórí àtúnṣe rẹ̀. Ẹ lọ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn, kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ bí ọmọ bá ti ní ti Àjọ Ìkànìyàn tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ibòmíràn bí ẹni pé a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ọ̀nà àbùjá tí àwọn kan máa ń gbà nìyẹn: ìwé kan láti Ìjẹ̀dé, òmíràn láti Òwútù, ọmọ kan náà, ọjọ́ ìbí méjì. Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé ìforúkọsílẹ̀ yìí kúrò nínú ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń so ó mọ́ NIN. Àkọsílẹ̀ méjì fún ọmọ kan ṣoṣo yóò pàdé níbì kan, ọjọ́ tí wọ́n bá sì pàdé, méjèèjì ni wọ́n á máa fi ojú ìfura wò.

Ẹ má fi bírò tàbí ọ̀dà funfun kan ìwé náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín pa rẹ́ ti sọ ìwé òótọ́ di ayédèrú, akọ̀wé sì lè kọ̀ láti fọwọ́ kàn án.

Lọ́dọ̀ akọ̀wé ìbí

Ibi tí wọ́n ti fún yín ní ìwé náà ni kí ẹ padà sí. Àjọ Ìkànìyàn ní àwọn akọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba àti ilé ìtọ́jú alábọ́dé, wọ́n sì ní ọ́fíìsì fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ibùdó tó fún yín níwèé kò bá sí mọ́, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa ìlú tiwa. Ìjẹ̀dé, Ìmọ́tà, Ìgbógbó àti Bàyékù, apá àríwá àti apá ìwọ̀-oòrùn Ìkòròdú, gbogbo wọn ló ní káńsù ìdàgbàsókè tiwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀. Àmọ́ lójú àjọ ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, nítorí ogún ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkó tí ìwé òfin ilẹ̀ wa dárúkọ. Bí ẹ bá bímọ ní Ìjẹ̀dé tí ìwé-ẹ̀rí sì sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú, kì í ṣe àṣìkọ. Ẹ má wulẹ̀ búra nítorí ìyẹn. Àwọn ará Àgbówà ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dà láàmú jù. Ọjà Ìkòròdú ni ọ̀pọ̀ wọn ń ná, Ìkòròdú ni mọ́tò wọn ń já sí, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Bí ìwé wọn bá ti Ẹ̀pẹ́ wá, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n á padà sí.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn. Ẹ fi ìwé náà hàn án, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó bá yín wo àkọsílẹ̀ tí ìwé náà ti jáde. Nọ́mbà tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí yín ló máa fi wá a. Ọ̀kan nínú ohun méjì lẹ máa rí.

Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ tọ̀nà. Ìyẹn ni pé Oluwaseun ló wà nínú ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀, 5 oṣù kẹjọ ló sì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó da á kọ sórí ìwé-ẹ̀rí ló ṣì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ọ́fíìsì ni, kò sì sí ohun tí ẹ ní láti búra lé lórí. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, ẹ dá ìwé tó ní àṣìkọ padà, ẹ béèrè fún òmíràn tó bá àkọsílẹ̀ mu. Àwọn tí kò yẹ kó ná kọ́bọ̀ ní kóòtù rárá pọ̀ nínú àwọn tí mo ti rí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n wo àkọsílẹ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé inú àkọsílẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Nígbà náà, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó wá sọ ọ̀rọ̀ ìbí ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìyá tàbí bàbá. Ìyá àgbà ló lọ nígbà tí ìyá ọmọ ṣì wà lórí ẹní, tàbí àbúrò ọkọ. Wọ́n dá orúkọ lẹ́nu, akọ̀wé kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé púpọ̀ kò ní àmì abẹ́ “ṣ”, nítorí náà ẹnìkan á kọ “s”, ẹlòmíràn á kọ “sh”, kò sì ní dà bí àṣìṣe lójú èyíkéyìí nínú wọn. Àpẹẹrẹ tiwa fi hàn bí ọjọ́ náà ṣe dàrú: wọ́n kọ ọ́ sórí bébà ní nọ́mbà lásán, 5/8/2016, ẹni tó gbà á sì ka oṣù ṣáájú ọjọ́. Irú àṣìṣe yìí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá ju 12 lọ, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọmọ ọjọ́ kẹtàlélógún tí ọjọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀, ohun mìíràn ló fà á, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá a rí kí ẹ tó búra.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí gan-an: ta ni kó búra, ìwé wo ni kí ẹ kó wá, ẹ̀dà mélòó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíkó ẹ̀rí jọ

Lẹ́tà tó lé nínú orúkọ kò ṣòro fún akọ̀wé láti gbà. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n máa ń fojú tó le wò, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá dín ọjọ́ orí kù nítorí ìdánwò, bọ́ọ̀lù tàbí iṣẹ́ ìjọba. Ohun tó ń mú kí wọ́n gba yín gbọ́ ni ìwé tó ti wà kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ nítorí rẹ̀.

Fún ọmọ yìí, ìyá rẹ̀ ní káàdì aboyún. Ó wà nínú rẹ̀ pé ó lọ yẹ oyún wò ní oṣù keje 2016, wọ́n wọn ikùn rẹ̀, wọ́n gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ. Ẹni tó ṣì gbé oyún ní oṣù keje kò lè ti bímọ yẹn ní oṣù karùn-ún. Ìlà kan ṣoṣo yìí lágbára ju ẹ̀rí ẹnu ènìyàn mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì àjẹsára. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, èyí tí wọ́n ń gún sí apá òsì, ìgbà tí wọ́n bá bí ọmọ ni wọ́n ń fún un. Èyí tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí a bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, yóò bọ́ sí 16 oṣù kẹsàn-án. Bí káàdì bá ní ọjọ́ kan tó sún mọ́ ìyẹn, ó ti bá káàdì aboyún sọ ohun kan náà.

Àwa Yorùbá sì ní ẹ̀rí kan tí a kì í sábà kà sí ẹ̀rí: ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ, a sì ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ tí a bí i láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà máa ń bọ́ sí. Ìyá yìí rántí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun, ó sì ní ìwé ìpè tí wọ́n tẹ̀ fún 12 oṣù kẹjọ. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà orí fóònù yín padà sí 2016: 5 oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 12 sì jẹ́ Ẹtì. 8 oṣù karùn-ún, Àìkú ni. Ìwé ìpè, fọ́tò tí ọjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ìwé ìrìbọmi láti ṣọ́ọ̀ṣì lè gbe yín lẹ́yìn, àmọ́ ẹ má fi wọ́n ṣáájú ìwé ilé ìwòsàn.

Ní ti orúkọ, ẹ mú ìwé ilé ìwé ọmọ náà láti kíláàsì àkọ́kọ́, kí ẹ sì wo bí orúkọ ìdílé ṣe wà lórí NIN bàbá àti ìyá. Ẹ fìdí ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nínú ilé kí ẹ tó dé kóòtù: irú kíkọ wo la fẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà? Mo ti rí i tí bàbá ń fẹ́ “Adesina”, tí ìyá sì ti kọ “Adeshina” sí ilé ìwé fún ọdún márùn-ún. Ìbúra kì í parí ìyẹn fún yín.

Ìbúra ní kóòtù

Kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ka ní Ìkòròdú, ó ní ní Ẹ̀pẹ́, ó ní ní Badagry. Ẹ kò nílò àtilọ sí Ìkẹjà. Kóòtù májísíréètì pẹ̀lú ń gba ìbúra. Ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù ni kí ẹ béèrè, níbi tí kọmíṣọ́nnà ìbúra wà. Fọ́tò pélébé kan, káàdì ìdánimọ̀ yín, ìwé-ẹ̀rí tó ní àṣìkọ àti ẹ̀dà àwọn ẹ̀rí yín ni kí ẹ mú dání.

Ta ni kó búra? Ẹni tó mọ̀. Ọmọ kò lè búra ọjọ́ tí wọ́n bí òun, àgbàlagbà pàápàá kò lè ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí ìbí ara rẹ̀. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí ìwé ìbúra jẹ́ ohun tí ẹni tó ń búra mọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí ohun tó gbọ́ tó sì gbà gbọ́, kó sì sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ìyá ló dára jù, bàbá tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ wá ẹ̀gbọ́n wọn tàbí àgbà ìdílé tó dàgbà ju ọmọ náà lọ dáadáa, tó sì wà nítòsí nígbà tí wọ́n bí i.

Ní iwájú kóòtù lẹ máa rí àwọn tó ń tẹ ìwé. Iṣẹ́ òdodo ni wọ́n ń ṣe, ẹ sì lè lò wọ́n. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ní àfídáfíìtì kan tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìyá ọmọ tí ìwé pè ní ọkùnrin, tàbí àdúgbò ẹlòmíràn lábẹ́ orúkọ yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sórí bébà láti ilé, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kóòtù kọ ọ́ láìfi ohunkóhun kún un. Bí tèmi yóò ṣe rí fún ìyá yìí rèé:

1. Èmi (orúkọ ìyá ní kíkún, bó ṣe wà lórí NIN rẹ̀), obìnrin, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, oníṣòwò, tí mo ń gbé ní (ojúlé àti òpópónà), Ìkòròdú, ìpínlẹ̀ Èkó, ni mo ń búra báyìí.

2. Èmi ni ìyá tó bí ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo bí i ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní (orúkọ ilé ìwòsàn), Ìkòròdú. Oluwaseun ni a sọ ọ́.

3. Nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí tí Àjọ Ìkànìyàn fún un, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ (nọ́mbà), tí wọ́n fún wa ní (ọjọ́), wọ́n fi àṣìṣe kọ orúkọ rẹ̀ ní Oluwasheun dípò Oluwaseun.

4. Nínú ìwé-ẹ̀rí kan náà, wọ́n fi àṣìṣe kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún 2016 dípò ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ 2016. Ọjọ́ àti oṣù ni wọ́n pààrọ̀ ipò wọn.

5. Mo so ẹ̀dà káàdì aboyún mi, káàdì àjẹsára ọmọ náà àti ìwé ilé ìwé rẹ̀ mọ́ ìbúra yìí.

6. Oluwasheun tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí náà àti Oluwaseun tí mo dárúkọ, ọmọ kan náà ni.

7. Mo ń ṣe ìbúra yìí kí Àjọ Ìkànìyàn lè tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Mo gbà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ìbúra ti wí.

Kò sí àròyé níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sì sí ìbínú sí akọ̀wé tó ṣe àṣìṣe. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ohun kan ṣoṣo. Ọjọ́ wà ní ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́mbà nìkan, nítorí nọ́mbà ló kó wa sí wàhálà yìí. Àṣìṣe àti òótọ́ wà pa pọ̀, kí ẹni tó bá kà á má bàa wá èyí tó tọ́ kiri. Ìpínrọ̀ 6 wúlò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Òun ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ìwé àtijọ́ kan bá tún yọjú pẹ̀lú “h” nínú rẹ̀.

Orí ìwé ìbúra náà sì ṣe pàtàkì. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ìbúra fún àtúnṣe orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Bí wọ́n bá kọ ìyípadà orúkọ, ohun mìíràn nìyẹn. Ìyípadà orúkọ ni kí Oluwaseun di Abdulsalam, tàbí kí orúkọ ìdílé kúrò ní ti bàbá bọ́ sí ti bàbá àgbà. Irú rẹ̀ ló ń béèrè ìkéde nínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé orúkọ àtijọ́ àti tuntun, ẹnì kan náà ló ni ín. Lẹ́tà kan tó lé kò yẹ kó gbé yín débẹ̀, àfi bí akọ̀wé bá sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ìyá kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí kò mọ̀wé kà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá títí yóò fi yé e, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, kí òun tó tẹ ìka. Ìwé tí aláìmọ̀wé tẹ̀ka sí láìsí ọ̀rọ̀ yẹn ní àbùkù. Kí ẹ sì fọwọ́ sí i níwájú kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe lábẹ́ agboòrùn ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ jókòó, òun á bá yín “wọlé lọ gba òǹtẹ̀”, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ san owó ìjọba níbi tí kóòtù bá ní kí ẹ ti san án, ẹ sì gba rìsíìtì. Kí ẹ tó jáde, kí ìwé náà ní ọjọ́, orúkọ kóòtù, ìfọwọ́sí yín, ìfọwọ́sí kọmíṣọ́nnà àti òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá fi bírò tún ohunkóhun ṣe lórí rẹ̀, kí ìfọwọ́sí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ẹ gba ju ẹ̀dà kan lọ tó ní òǹtẹ̀ gidi. Ọ̀kan yóò dúró sọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ẹ máa nílò òmíràn.

Pípadà sọ́dọ̀ akọ̀wé

Lẹ́tà tí ẹ máa kọ kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ sọ orúkọ ọmọ, nọ́mbà ìwé-ẹ̀rí, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó wà, àti àwọn ìwé tí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ fi nọ́mbà fóònù yín sí i. Ẹ mú ìwé-ẹ̀rí gidi dání pẹ̀lú ìwé ìbúra, káàdì aboyún àti ti àjẹsára gidi fún wíwò, ẹ̀dà wọn láti fi sílẹ̀, àti NIN ìyá àti bàbá. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà lẹ́tà yín pé àwọn gbà á lọ́jọ́ báyìí. Òun ni ẹ máa fi béèrè nígbà tí ẹ bá padà.

Akọ̀wé lè ṣe ti orúkọ kó sì ní ti ọjọ́ ìbí kọjá agbára òun, pé ó ní láti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tàbí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Ẹ má rò pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣe máa ń lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi méjèèjì ránṣẹ́ pa pọ̀, kó má bàa jẹ́ pé wọ́n á fún yín ní ìwé tuntun tó tún orúkọ ṣe tó sì tún àṣìṣe ọjọ́ kọ. Mo mọ̀ pé ó wuni láti gba èyí tó bá yá kíákíá. Ẹ dúró.

Nígbà tí ìwé tuntun bá jáde, ẹ má tíì kúrò lórí káńtà. Kí ẹnìkan ka orúkọ náà sókè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn máa wo ìwé ìbúra. Ẹ wo ọjọ́, ẹ wo bóyá akọ ni wọ́n kọ tàbí abo, ẹ wo orúkọ ìyá, torí ìgbà tí wọ́n bá ń tún ibì kan tẹ̀ ni ibòmíràn máa ń bàjẹ́. Àṣìkọ tí ẹ bá rí lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tún un tẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí nílé lè dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀

Wọ́n lè kọ̀ nítorí pé ẹ̀rí yín tako ara wọn. Bí káàdì àjẹsára bá sọ oṣù kẹjọ tí ìwé ilé ìwé sì sọ oṣù kẹsàn-án, ẹ béèrè èyí tí wọn kò gbà, kí ẹ lọ tọpa rẹ̀ ní orísun rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó bímọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ lè tọrọ lẹ́tà láti ibẹ̀ tó sọ ọjọ́ àti orúkọ ìyá.

Àwọn ohun kan sì wà tí ìbúra àti akọ̀wé kò lè ṣe. Wọn kò lè yọ orúkọ bàbá kan kí wọ́n fi ti òmíràn sí i nígbà tí àwọn méjèèjì ń jà sí ọmọ. Ilé ẹjọ́ ni ìyẹn ń lọ, pẹ̀lú agbẹjọ́rò. Bákan náà ni bí akọ̀wé bá kọ̀ jálẹ̀ tí ẹ̀rí yín sì lágbára: agbẹjọ́rò lè bá yín lọ síwájú adájọ́ kóòtù gíga pé kí ó kéde ọjọ́ tí a bí ọmọ náà. Ó gba àkókò, ó sì gba owó. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ tún ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ ṣe nítorí ìfẹ̀yìntì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ wọ iṣẹ́ ni ìjọba ń lò.

Ìwé tuntun ti dé, kí ló kù?

NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, torí páásípọ́ọ̀tù, báńkì àti ìdánwò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Bí ọmọ kò bá tíì ní in, ìwé tuntun ni kí ẹ fi gbà á. Bó bá ti ní in pẹ̀lú àṣìkọ, ẹ gbé ìwé-ẹ̀rí tuntun àti ìwé ìbúra lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣe NIN. Ẹ múra sílẹ̀ pé àtúnṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀ wọ́n gan-an ju àtúnṣe orúkọ lọ, ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ lọ títí ìwé-ẹ̀rí ìbí yóò fi tọ̀nà pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìwé: ẹ fún ọ̀gá ilé ìwé ní ẹ̀dà ìwé tuntun kí wọ́n tó fi orúkọ àwọn tó fẹ́ wọ girama ránṣẹ́, nítorí orúkọ tó bá lọ lórí ìwé yẹn ló máa bá ọmọ náà dé ìdánwò àṣejáde. Ẹ̀dà ìwé àtijọ́ àti ìwé ìbúra kejì tó ní òǹtẹ̀, ẹ fi wọ́n sínú fáìlì kan pẹ̀lú tuntun.